Obì Tí Ìyá Mi Kì Í Jẹ

Ìyá mi kì í jẹ obì. Ohun tó máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi í nìyẹn, kò sì sí irọ́ níbẹ̀ lójú tirẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n ló ti ń ta obì ní Sábó, àdúgbò àwọn Hausa, ó sì gbà pé ẹni tó bá ń jẹ ọjà ara rẹ̀ kò ní pẹ́ dẹni tó ń tọrọ jẹ. Orógbó ni tirẹ̀. Tó bá jẹun ọ̀sán tán, á bó èèpo orógbó kan, á máa rún un díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì ní yí padà bó ti wù kó korò tó. Èmi kì í bá a jẹ ẹ́. Mo ti rí ohun kíkorò tó láyé mi.

Àdúgbò Mayfair là ń gbé, èmi àti òun, nínú ilé tí bàbá mi kọ́, tí a fi àwọn yàrá ẹ̀yìn gba akẹ́kọ̀ọ́ sí. Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, opó ni mí, àwọn ọmọ mi ti lọ síbi tí àwọn ọmọ ń lọ. Tí mo bá dé láti ibi iṣẹ́, màá dáná, màá gbọ́ ẹjọ́ omi àti iná láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́, màá wá jókòó ti ìyá mi. Ó ti rẹ̀ mí kí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí tó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń rẹ̀ mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń wò.

Ẹni tí kò mọ òwò obì lè rò pé kò ju kí èèyàn rà kó sì tún tà lọ. Àwọn obìnrin oko ló máa ń gbé e wá fún ìyá mi nínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ewé tẹ́ nínú. Àwọn Hausa oníṣòwò tó ń kó o lọ sókè Ọya ló sì ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Obì tó wà lókè apẹ̀rẹ̀ máa ń dára nígbà gbogbo, àfi bí ẹni tó dì í bá jẹ́ òmùgọ̀. Nítorí náà, ìyá mi á mú ọ̀kan lókè, á ti ọwọ́ bọ àárín, á mú ọ̀kan, á wá ọ̀kan jáde nísàlẹ̀. Á fi èékánná là á, á wo inú rẹ̀ bóyá kòkòrò wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà á gé e jẹ. Á dijú. Ojú lè rí kòkòrò, ṣùgbọ́n ojú kò lè rí obì tí omi ti wọ̀, tàbí èyí tí wọ́n ká láìgbó, tàbí èyí tí wọ́n fi oògùn kòkòrò kùn kó má baà bàjẹ́ nínú àká. Ahọ́n ló ń mọ ìyẹn. Tí ìyá mi bá lajú tó ní, “Ó dáa,” kò sí Àlhájì kankan ní Sábó tó tún máa ṣí apẹ̀rẹ̀ náà wò. Ohun tí wọ́n ń rà gan-an nìyẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Obì wà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn náà.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ó fi awẹ́ gbàǹja kan sí mi lẹ́nu kí n lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iṣẹ́. Ó korò, mo tu ú sílẹ̀. Àfi gbàù létí mi!

“A kì í tu obì dànù! Ṣé ìwọ lo gbìn ín ni? Gbé e!”

Mo gbé e, mo fi omi ṣàn án, mo jẹ ẹ́ tẹkún tẹkún. Láti ọjọ́ náà, obì tó bá ti wọ ẹnu mi, ọ̀fun ló ń gbà lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti òun fúnra rẹ̀. Ohun tó bá tọ́ wò, á gbé e mì, á sì na ọwọ́ sí apẹ̀rẹ̀ tó kàn.

Àsìkò ìkórè obì ọdún tó kọjá ni wàhálà ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ti Sábó dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kò bọ́ bàtà, ó jókòó sórí àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

“Gbé ọwọ́ rẹ síbí,” ló wí, ó sì fi ọwọ́ mi sí àyà rẹ̀.

Ọkàn rẹ̀ ń lù kìkìkì bí adìyẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ tó fẹ́ já. Á sáré, á kọsẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣubú, á tún sáré. Ẹ̀rù bà mí débi pé inú bí mi sí i, mo bi í pé ṣé kò tíì sinmi láti àárọ̀ ni, bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ ló dá.

Nílé ìwòsàn, a jókòó títí ìdí fi ro wá. Dókítà tó wò ó jẹ́ obìnrin, kò ju àkọ́bí mi lọ, ojú òun náà ti pọ́n bíi ti ẹni tí kò sùn. Ó ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ ka ìlù ọkàn ìyá mi, ó wọn ìfúnpá rẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ọ̀rọ̀.

“Màmá, ẹ máa ń mu kọfí?”

“Rárá o.”

“Ẹ máa ń jẹ obì?”

“N kì í jẹ obì. Mò ń tà á ni. Orógbó ni mo máa ń jẹ, ẹyọ kan péré lójúmọ́.”

Èmi náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò sì rí i rí kó jókòó kó ní òun fẹ́ jẹ obì.

Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ń yára jù, ó sì ń fi ìlù tí kò yẹ sáàárín ìlù tó yẹ. Ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ náà ń ru. Ó fún un ní oògùn, ó ní kó dín iyọ̀ kù, kó sì máa sinmi. Nígbà tí ìyá mi jáde, dókítà fà mí sẹ́yìn díẹ̀ ó sì sọ fún mi pé tí kò bá rọlẹ̀, àfàìmọ̀ ni kò ní yí sí irú ìlù tí ẹ̀jẹ̀ fi máa ń dì nínú ọkàn, bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá sì gba orí lọ, rọpárọsẹ̀ ló kù. Ó ní ká ronú nípa iṣẹ́ tó ń ṣe. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí èèyàn ń ṣe nìyẹn tí wọ́n bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún un.

Mo ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan ní Ìbàdàn. Fóònù ló fi ń tọ́jú ìyá wa. Kí n tó ròyìn débi kan, ó ti dá mi dúró.

“Orógbó yẹn ni! Ohun tó korò tó bẹ́ẹ̀, kí lo rò pé ó ń ṣe nínú ọkàn àgbàlagbà? Kó gbogbo ẹ̀ kúrò nílé lónìí.”

Ó ti rẹ̀ mí jù láti bá a jiyàn. Mo kó orógbó ìyá mi sínú ọ̀rá, mo tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ mi. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń wò mí.

“Ó dáa náà. Ẹ ti sọ mí di ọmọdé tí wọ́n ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ẹ̀. Orógbó tí wọ́n fi ń súre fún ọmọ tuntun, òun ló wá fẹ́ pa mí.”

Ó wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ kò sì gbọ́ pé a ti kó orógbó kúrò. Oṣù kan lọ, òmíràn tẹ̀ lé e. Ó ń lo oògùn rẹ̀, kò fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ mọ́, síbẹ̀ ọ̀sán tó bá ti pọ́n ní Sábó, ọkàn á bẹ̀rẹ̀ eré rẹ̀. Kò rí oorun sùn. Bí kò bá sùn, èmi náà kì í sùn, nítorí etí mi kò kúrò lára ògiri rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi wá dá gbèdéke fún wa. Ó ní bí ààwẹ̀ Ràmàdáànì bá parí tí kò bá tíì sàn, òun ń bọ̀ wá gbé ìyá wa lọ sí Ìbàdàn. Wọ́n ti kun yàrá kan sílẹ̀ dè é. Tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀, fáànù wà níbẹ̀.

“Kí ni n ó máa ṣe níbẹ̀?” ni ìyá mi bi mí, bí ẹni pé èmi ni mo kun yàrá náà. “Kí n máa wo àwọn tó ń sunkún nínú fíìmù títí tèmi náà á fi dé? Ta ló mọ̀ mí ní Ìbàdàn? Ní Sábó, bí mo bá wúkọ́, èèyàn mẹ́ta ló máa kí mi.”

Kí n sọ tòótọ́, apá kan wà nínú mi tó fẹ́ kó lọ, kí n lè sùn. Apá kejì mọ̀ pé tó bá lọ, n kò ní rí i pẹ́ mọ́. Àwọn apá méjèèjì yìí ni mo ń gbé lọ sí ọ́fíìsì lójoojúmọ́.

Ààwẹ̀ dé. Nínú ààwẹ̀, ìyá mi kì í fi obì kan ẹnu láti sààrì títí di ìṣínu. Ààfáà wa ti sọ fún un rí pé ẹni tó tọ́ nǹkan wò nítorí òwò, tó sì tu ú, kò ba ààwẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n òun kò lè tu obì dànù, nítorí náà kí òun má kúkú fi kan ẹnu. Nínú oṣù yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin oko tó ti mọ̀ tipẹ́ nìkan ló ń ra ọjà, ìwọ̀nba díẹ̀.

Níbẹ̀rẹ̀, orí fọ́ ọ gan-an. Ó fi gèlè di orí pinpin, ó ń yán, ara rẹ̀ kò gba ariwo. A ní ebi ni, àgbà ti dé sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, orí náà fi í sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Mo máa ń jí fún sààrì, màá bá a níbi tó ti ń hanrun, màá sì dúró díẹ̀ kí n lè gbọ́ ọ dáadáa kí n tó jí i. Kò sí orin tó dùn tó o. Nígbà tí a lọ ṣe àyẹ̀wò láàárín ààwẹ̀, dókítà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó wo aago, ó rẹ́rìn-ín. Ọkàn ti rọlẹ̀.

“Àlùhámúdùlíláì,” ni ìyá mi wí. “Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà.”

“Ṣé o ti rí i?” ni ẹ̀gbọ́n mi wí lórí fóònù. “Mo sọ fún yín pé orógbó ni.”

Mo fẹ́ sọ fún un pé orógbó ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi fún oṣù mélòó kan kí ọkàn tó rọlẹ̀. Mo wá rò ó pé ta ni màá sọ ọ́ fún. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi,” mo sì pa fóònù.

Ìtúnu ààwẹ̀ kọjá, Sábó kún padà. Obì tó wà nílẹ̀ nígbà náà ti pẹ́ nínú àká, àwọn tó ń ta ayédèrú sì pọ̀, ìyá mi wá ń ṣí apẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń wá ohun tó sọnù. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí adìyẹ fi padà sínú àyà rẹ̀. Mo bá a tó jókòó lórí àga ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Kò ní kí n gbé ọwọ́ síbẹ̀ mọ́. Ó kàn wò mí, mo sì mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ń bọ̀ ní Sátidé. Mo gba àyè níbi iṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, mo lọ gbé ìyá mi ní Sábó, ó di ilé ìwòsàn.

Dókítà yẹn ló tún wò ó. Ó gbọ́ ọkàn rẹ̀ pẹ́, ó mú ìwé tó ti kọ nínú ààwẹ̀, ó gbé e kalẹ̀.

“Màmá, nínú ààwẹ̀ ara yín balẹ̀. Kí ló yí padà? Kí lẹ ń ṣe báyìí tí ẹ kò ṣe nígbà yẹn?”

“Iṣẹ́ mi náà ni mò ń ṣe.”

“Báwo lẹ ṣe ń ṣe iṣẹ́ ọ̀hún?”

Ojú ìyá mi là. Kò sẹ́ni tó bi í ní irú ìbéèrè yẹn láti ọjọ́ yìí. Oògùn, iyọ̀ àti ìsinmi ni gbogbo wa ń fi kọ́ ọ lọ́rùn. Ó tú kókó etí aṣọ rẹ̀, ó mú gbàǹja kan tó mú nínú apẹ̀rẹ̀ àárọ̀ náà jáde, ó gbé e sókè kí dókítà lè rí i dáadáa. Ó fi èékánná là á. Ó ní wo ibí yìí, ibí yìí ni kòkòrò máa ń bá wọlé. Ó gé e jẹ, ó dijú, ó rún un, ó ní èyí dára, kíkorò rẹ̀ ń sáré lọ, adùn sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé e mì.

Dókítà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

“Màmá, ẹ sọ fún mi pé ẹ kì í jẹ obì.”

“N kì í jẹ ẹ́.”

“Èyí tí ẹ gbé mì yìí ńkọ́?”

“Mo tọ́ ọ wò ni.”

“Ẹ kì í tu ú?”

Ìyá mi wò ó bí ẹni tí wọ́n bú. “Obì? Kí n tu obì?”

“Mélòó lẹ ti tọ́ wò lónìí?”

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà á. Apẹ̀rẹ̀ ìyá eléyìí, òkè, àárín, ìsàlẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ ìyá tọ̀hún. Ọwọ́ kan kún, ìkejì kún, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti àtàǹpàkò. Lẹ́yìn náà ni kò kà mọ́, ó ń wo ìka ara rẹ̀.

Dókítà kò pariwo mọ́ ọn. Mo dúpẹ́ nítorí ìyẹn. Ó ní ohun kan wà nínú obì tó ń jẹ́ kafíìnì, òun kan náà ló wà nínú kọfí, nínú tíì, àti nínú ohun mímu alágolo tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń mu kí wọ́n lè kàwé mọ́jú. Gbàǹja ní in, àbàtà náà ní in. Odindi obì kan tó tóbi díẹ̀ lè tó ife kọfí líle kan, ó tilẹ̀ lè jù ú lọ.

“Òun ló ń lé oorun, òun ló ń ti ọkàn kó sáré, ó sì ń gbé ìfúnpá sókè. Kò sì mọ̀ bóyá ẹ̀ ń jẹ ẹ́ ni tàbí ẹ̀ ń tọ́ ọ wò. Ó tó wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà kí ara tó lé ìdajì rẹ̀ jáde. Èyí tí ẹ gbé mì ní ìrọ̀lẹ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ lára yín nígbà tí ẹ bá ń yí kiri lórí bẹ́ẹ̀dì. Orí tó fọ́ yín níbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ náà, kò jọ pé ebi nìkan ni. Ohun tó ti mọ́ ara lára ni ara ń wá.”

Mo bi í pé orógbó wá ńkọ́.

“Orógbó? Àwọn tó ti yẹ̀ ẹ́ wò kì í sábà rí kafíìnì nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ rí i, ó kéré gan-an. Kì í ṣe òun ló ń lé ọkàn wọn.”

Ìyá mi yí ọrùn díẹ̀díẹ̀, ó wò mí. N kò ní gbàgbé ojú náà títí màá fi kú.

“N kò sọ pé oògùn ni o,” ni dókítà fi kún un. “A kò tíì mọ gbogbo ohun tó ń ṣe nínú ara, ẹni tó sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ máa fi ẹ̀kúnwọ́ jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan lójúmọ́ bí Màmá ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, n kò ní bá wọn jà sí i.”

“Obì ńkọ́?” ni ìyá mi bèèrè, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. “Mélòó ni èèyàn lè jẹ?”

“Ẹni tí ara rẹ̀ le, awẹ́ kan tàbí méjì láàárọ̀ ti tó o, kó má kọjá odindi kan lójúmọ́, kó má jẹ ẹ́ tí ọ̀sán bá ti pọ́n, kó má sì fi kọfí lé e. Aláboyún gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú ọkàn tiyín yìí, Màmá, kó fi obì sílẹ̀ ló dáa. Ẹ má fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ máa dín in kù, kí orí má baà tún fọ́ yín. Ẹ má sì dá oògùn yín dúró. N kò lè búra pé obì nìkan ni, ṣùgbọ́n òun la máa kọ́kọ́ mú kúrò.”

Nínú takisí, ìyá mi yíjú sí fèrèsé. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Mo fẹ́ sọ ọ́ kó rẹ́rìn-ín, mo rí ojú rẹ̀, mo gbé e mì.

“Kí wá ni n ó fi máa ra ọjà?” ló bèèrè nígbà tó yá. “Ahọ́n mi ni wọ́n ń rà.”

Ẹ̀gbọ́n mi dé ní Sátidé bó ti wí. Kó tó jókòó, ìyá mi ti na ọwọ́ sí i. “Orógbó mi dà?” Mo lọ mú un wá láti inú kọ́bọ́ọ̀dù. Díẹ̀ ti gbẹ, ó mú èyí tó dára jù, ó bó o níwájú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó ń rún un kẹ́kẹ́kẹ́, kò gbójú kúrò lára rẹ̀ títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀gbọ́n mi wo ilẹ̀. A wá fẹnu kò pé kó dúró títí di àyẹ̀wò tó kàn. Bí ọkàn bá rọlẹ̀, tí ó sì lè ṣe òwò rẹ̀ láìfi obì sẹ́nu, kó máa bá a lọ. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì kò bá ṣeé ṣe, Ìbàdàn ni.

Ọkàn rọlẹ̀. Ó dín in kù, ó fi í sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sùn bíi ti inú ààwẹ̀. Òwò ni kò ṣeé ṣe. Ó ń fi ojú rà, ó ń fi imú rà, ó ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kan, Àlhájì kan tó ti ń bá a rajà kí n tó wọ ilé ìwé gíga dá apẹ̀rẹ̀ kan padà. Oògùn kòkòrò wà lára obì náà. Ọkùnrin náà rọra gbé e kalẹ̀, ó ń tọrọ àforíjì bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí ìyá mi rí. Ó délé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ rẹ̀ sínú báàgì.

“Pe ẹ̀gbọ́n rẹ,” ló wí. “Ó tán.”

N kò pè é. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń wò ó bó ṣe ń ká aṣọ, mo sì sunkún, nítorí ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé apá tó fẹ́ kó lọ kò sí nínú mi mọ́. Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí n máa bá yín tọ́ ọ wò.”

“Ìwọ? Ìwọ tí o kórìíra rẹ̀?”

“Èmi náà ni.”

Bí mo ṣe di ahọ́n ìyá mi nìyẹn. Mo máa ń kọjá sí Sábó láàárọ̀ kí n tó lọ sí ọ́fíìsì, mo sì ń lo Sátidé mi níbẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òun á mú obì náà, á là á, á wo inú rẹ̀, á wá fún mi. Èmi á gé e, òun á máa wo ojú mi. Ṣé kíkorò rẹ̀ dúró sí iwájú ahọ́n ni tàbí ó lọ sẹ́yìn? Ó ń ta ahọ́n? Adùn wá lẹ́yìn rẹ̀? Mo kọ́kọ́ ń ṣìnà, ó sì ń bú mi níwájú àwọn oníbàárà bí ẹni tí kò tíì bímọ. Díẹ̀díẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n.

Ní Sátidé kan, Àlhájì tó dá apẹ̀rẹ̀ padà yẹn tún wá. Ó dúró lórí wa. Ìyá mi ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, ó mú gbàǹja kan, ó là á. Ọwọ́ rẹ̀ gbé e dé ẹnu ara rẹ̀ kó tó rántí. Ó nà án sí mi. Mo gé e, mo dijú, mo rún un. Kíkorò náà sáré lọ. Adùn ń bọ̀.

“Ó dáa,” ni mo wí.

Ìyá mi wo ojú mi, ó yíjú sí Àlhájì. “Ó dáa.”

Ọkùnrin náà kò ṣí apẹ̀rẹ̀ náà wò. Ó ní kí wọ́n gbé e.

Obì ṣì wà lẹ́nu mi. Mo fẹ́ gbé e mì, bí mo ti ń gbé e mì láti kékeré, nígbà tí ìyá mi di ọwọ́ mi mú.

“Má gbé e mì. O ti mu kọfí kó o tó kúrò nílé, o sì ti tọ́ mẹ́ta wò.”

Mo wá ibi tí màá tu ú sí. Kò sí abọ́ kankan níbẹ̀; kò sẹ́ni tó ń tu obì dànù níwájú ìyá mi, kí ni wọ́n fẹ́ gbé abọ́ síbẹ̀ ṣe? Ó rí i pé mò ń wá ibi kan. Ó wá la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ọwọ́ tó fi gbá mi létí nígbà tí mo wà ní kékeré, ó gbé e sábẹ́ àgbọ̀n mi bí ẹni ń gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ ìkókó.

“Tu ú síbí,” ló wí.

Mo tu ú sí i lọ́wọ́.